Owó Tí Kò Ra Búrẹ́dì

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí wọ́n ń pè ní orí kunkun, kó lọ wo Akọ̀wé ilé búrẹ́dì nígbà tó bá ń ṣírò. Láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú ló ti ń jókòó sí yàrá kékeré ẹ̀yìn ààrò, tí ooru ń lù ú lẹ́yìn, tí ìyẹ̀fun ń bà lé etí ìwé rẹ̀. Láyé ìgbà tí àwọn èèyàn ń fi owó bébà ra búrẹ́dì, iṣẹ́ náà kò le. Ẹ ka owó inú àpótí, ẹ wo ìwé ọjà, ẹ wá lọ sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tí ayé di ayé fóònù, tí gbogbo àwọn obìnrin tó ń gba búrẹ́dì lọ tà bẹ̀rẹ̀ sí í fi fóònù sanwó, ìrọ̀lẹ́ Akọ̀wé di ogun. Ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ fóònù ń fi ránṣẹ́ lójoojúmọ́ gùn gbọọrọ, ìwé ọjà tiẹ̀ náà gùn gbọọrọ. Á fi rúlà sórí ọ̀kan, á fi ìka sórí èkejì, á máa wá ìlà tó bá ìlà mu títí ojú rẹ̀ yóò fi pọ́n.

Kò sì sí ẹlòmíràn tó lè ṣe é. Màmá tó ni ilé búrẹ́dì ti gbìyànjú láti fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀ nígbà kan tó ṣàìsàn. Lọ́jọ́ kejì, ẹni náà ní òun kò ṣe mọ́, pé kí wọ́n kúkú fún òun ní ìyẹ̀fun pò. Láti ìgbà náà, Akọ̀wé kò kúrò nílùú, kódà fún ọjọ́ kan. Òfin Màmá kò sì ṣòro lóye: kò sí ẹni tó ń rìnrìn àjò nígbà tí ìlà kan bá ṣì wà nínú ìwé tí a ò lè ṣàlàyé.

“Owó tí mi ò bá mọ ẹni tó ni ín,” Màmá á ní, “kò gbọdọ̀ sùn sílé mi. Mi ò sí nínú ọ̀rọ̀ ‘a ó wò ó lọ́la’.”

Ó dára bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kí ni Akọ̀wé fẹ́ rin ìrìn àjò fún? Àmọ́ ọmọ rẹ̀ obìnrin, ọ̀kan ṣoṣo tó bí, ti lóyún ní ìlú tí ọkọ rẹ̀ ti ń ṣiṣẹ́, oyún náà sì ti pé oṣù. Ìyá ọmọ yìí ti kú nígbà tó wà nílé-ìwé. Bàbá ló ń di irun rẹ̀ títí ó fi kọ́ bí wọ́n ṣe ń dì í fúnra rẹ̀, ìdirí ọ̀hún sì máa ń wọ́ ni, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tú u. Ó ti pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù lọ́sẹ̀ tó kọjá.

“Bàbá mi,” ó ní, “mi ò ní màmá tó máa wá dúró tì mí. Ẹ̀yin ni mo ní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá.”

Akọ̀wé ní òun ń bọ̀. Ó fi fóònù sílẹ̀, ó wo rúlà rẹ̀, ó wo ìwé. Báwo ló ṣe máa lọ?

Nígbà náà ni Ọ̀jọ̀gbọ́n dé. Ẹ má jẹ́ kí orúkọ yẹn dẹ́rù bà yín o, ọmọ àbúrò Màmá ni, ọmọbìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, tó sì máa ń fi ọwọ́ kan jẹ búrẹ́dì, kó máa fi èkejì tẹ bọ́tìnnì. Ó gbọ́ ẹjọ́ Akọ̀wé, ó ní òun á ṣe ètò kan tí yóò máa gbé ìwé owó fóònù sí ẹ̀gbẹ́ ìwé ọjà fúnra rẹ̀ lójoojúmọ́, tí yóò sì kọ àwọn ìlà tí kò bára mu sílẹ̀. Èyí tó bára mu, kò sẹ́ni tó ní láti fojú kàn án.

“Ṣé ó máa ń wo àròpọ̀ ni?” Akọ̀wé bi í. Ó ti ṣe tán láti rẹ́rìn-ín.

“Rárá, Bàbá. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àròpọ̀ lè tan èèyàn jẹ. Bí ẹnì kan ò bá san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta, tí ẹlòmíràn sì san ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lé, àròpọ̀ á jókòó jẹ́ẹ́ bí ẹni pé nǹkan kan ò ṣẹlẹ̀. Ìlà kọ̀ọ̀kan ló ń wò. Nọ́ńbà ìsanwó tó wà nínú àtẹ̀jíṣẹ́ oníbàárà, tí ẹ máa ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, òun ló kọ́kọ́ ń wá. Tó bá rí nọ́ńbà kan náà àti iye kan náà níhà méjèèjì, ó parí.”

Ẹ̀rín tí Akọ̀wé ti tọ́jú gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ọmọ yìí mọ ohun tó ń sọ.

Màmá pe àwọn méjèèjì jókòó. Ó ní òun gbà. Láti ọjọ́ yẹn, inú kọ̀ǹpútà ni kí Akọ̀wé máa tẹ ọjà sí dípò ìwé, kí wọ́n sì máa dán ètò náà wò. Ọjọ́ tó bá kọ àwọn ìlà tí kò bára mu jáde, tí wọ́n sì ṣàlàyé gbogbo wọn tán láì lo rúlà, ọjọ́ náà gan-an ni kí Akọ̀wé wọ ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ lọ bá ọmọ rẹ̀. Ọ̀jọ̀gbọ́n á dúró di iṣẹ́ náà mú.

“Tí ìlà kan bá ṣẹ́ kù ńkọ́?” Akọ̀wé bèèrè.

“Ẹ ò lọ nìyẹn,” Màmá dáhùn, ó sì bu búrẹ́dì jẹ.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n dán an wò, ẹ̀yin èèyàn mi, ìtìjú ni. Ètò náà ronú díẹ̀, ó wá tú ìlà jáde, ó ń tú u, kò dúró. Àfi bíi pé kò sí ẹyọ oníbàárà kan tó sanwó rí láyé. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun fi iṣẹ́ sílẹ̀, wọ́n wá ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà. Ẹni tó ń bójú tó ààrò, tí wọ́n ń pè ní Ẹ̀fín, ní ó dà bíi pé kọ̀ǹpútà náà ń ṣu.

“Bọ́mọdé bá láṣọ bí àgbà,” Akọ̀wé ní, “kò lè lákìísà bí àgbà.” Inú rẹ̀ dùn, inú rẹ̀ sì bàjẹ́. Òun tó ń fi ọmọ yìí ṣẹ̀fẹ̀, ọkọ̀ tirẹ̀ náà ló ń lọ yẹn.

Ọ̀jọ̀gbọ́n kò bínú. Ó fa ìlà kan jáde. Obìnrin kan ra búrẹ́dì ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ó dín àádọ́ta ni ètò náà ní ó wọlé.

“Wọ́n yọ owó iṣẹ́ wọn,” Akọ̀wé sọ láì ronú. “Ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń yọ owó iṣẹ́ wọn kó tó kàn wá. Èmi máa ń fi í kún un lórí.”

“Ẹ máa ń fi í kún un lórí,” Ọ̀jọ̀gbọ́n tún un sọ, ó gbá orí ara rẹ̀. Òpó inú ìwé owó fóònù tí wọ́n kọ iye tó kù sí lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ owó iṣẹ́ ló ní kí ètò náà máa kà, iye tí oníbàárà san gan-an sì wà ní òpó tó ṣáájú rẹ̀. Ó yí i padà. Àwọn ìlà náà dín kù lẹ́ẹ̀kan náà.

Àmọ́ ó ṣì ku púpọ̀. Gbogbo owó tó wọlé nírọ̀lẹ́ ni kò ní ọjà, ọjà tí wọ́n kọ sójú ewé ọjọ́ kejì ni kò sì ní owó.

“Bàbá, ọjọ́ ti ilé-iṣẹ́ fóònù máa ń parí ní ọ̀gànjọ́ òru,” Ọ̀jọ̀gbọ́n ní. “Tiyín máa ń parí nígbà wo?”

Akọ̀wé wò ó bí ẹni tó bi í pé kí ni omi. “Nígbà tí mo bá ti fi ìdérí dé bírò tí mo fi ń kọ̀wé.”

Ariwo ta! Ẹ̀fín ni kò lè dá ẹ̀rín dúró. Láti ọdún tí Akọ̀wé ti ń kọ ìwé, bí ó bá ti dé bírò rẹ̀, ojú ewé ọ̀la ló kàn. Bó bá rẹ̀ ẹ́ ní agogo mẹ́ta, ọ̀la bẹ̀rẹ̀ ní agogo mẹ́ta. Kò sí ẹ̀rọ kan láyé tó máa mọ ìyẹn. Wọ́n fi ẹnu kò pé agogo mẹ́rin ni ọjọ́ ilé búrẹ́dì yóò máa parí, ì báà rẹ Akọ̀wé, ì báà má rẹ̀ ẹ́, kí ètò náà sì máa mú owó láti agogo mẹ́rin àná dé agogo mẹ́rin òní.

Báyìí ni wọ́n ń bá a lọ. Obìnrin méjì tí wọ́n jẹ́ tẹ̀gbọ́n tàbúrò máa ń gba búrẹ́dì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ̀gbọ́n sì san ti àwọn méjèèjì pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Akọ̀wé ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà ìsanwó kan náà sí ìlà méjèèjì, Ọ̀jọ̀gbọ́n sì kọ́ ètò náà pé kó ro àwọn ìlà tó bá ní nọ́ńbà kan náà pọ̀ kó tó fi wọ́n wé owó. Ní ti ìlà tí kò ní nọ́ńbà, ètò náà á wá owó tó jẹ́ iye kan náà ní àkókò tó sún mọ́ra, ṣùgbọ́n kì í dá ẹjọ́ fúnra rẹ̀. Á kàn kọ ọ́ pé ó jọ bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan wá fọwọ́ sí i. Akọ̀wé fẹ́ràn ibẹ̀ gan-an. Ó ní ẹ̀rọ tó mọ ohun tí kò mọ̀, ẹ̀kọ́ ilé rẹ̀ pé.

Ẹ ò wá rí i pé wọ́n ti di ọ̀rẹ́. Ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n. Ó tó ogójì ọdún tí Akọ̀wé ti ń ṣe iṣẹ́ yìí, ìgbà àkọ́kọ́ sì nìyí tí ẹnì kan fẹ́ mọ ìdí tó fi ń ṣe nǹkan bó ṣe ń ṣe é, ó wá ń ṣàlàyé títí omi fi tútù nínú ife rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń lọ. Ọmọ rẹ̀ kò tíì bí, kò sì sí alẹ́ tí kò pè é. Ní alẹ́ Ọjọ́rú, kò pè.

Ní Ọjọ́bọ̀, Akọ̀wé ti di ẹrù rẹ̀ wá síbi iṣẹ́. Báàgì kékeré kan ni, ó gbé e sábẹ́ tábìlì bí ẹni pé kò sí ńbẹ̀. Ó ti pe ọmọ láàárọ̀, kò wọlé. Ó pe ọkọ ọmọ, kò wọlé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Nígbà tí agogo mẹ́ta lù, ó pa ohùn fóònù ilé búrẹ́dì bó ṣe máa ń ṣe nígbà ìṣirò, nítorí kò fẹ́ kí ẹni tó ń bèèrè iye búrẹ́dì wá da òun láàmú. Nígbà tí agogo mẹ́rin kọjá dáadáa, Màmá fa àga, ó jókòó. Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ bọ́tìnnì.

Ètò náà ronú. Ìlà mẹ́ta péré ló jáde.

Èkíní, ọjà wà, owó ò sí. Akọ̀wé rántí pé obìnrin náà ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, òun á san bó bá délé. Wọ́n wo owó tó wọlé lẹ́yìn agogo mẹ́rin, òun nìyẹn. Èkejì, owó fi ẹgbẹ̀rún kan ju ọjà lọ. Ẹ̀fín jẹ́wọ́ láti ẹnu ọ̀nà pé òun gbé búrẹ́dì díẹ̀ kún un fún oníbàárà náà, òun ò sì sọ fún Akọ̀wé. Wọ́n bú u tayọ̀tayọ̀, wọ́n tẹ ọjà náà wọlé.

Ó ku ẹ̀kẹta. Owó ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ, ó wọlé ní agogo mẹ́ta ààbọ̀. Kò sí ọjà kankan tó jọ ọ́. Orúkọ ẹni tó fi í ránṣẹ́ jẹ́ ti ìsọ̀ kan tí wọ́n ti ń bá èèyàn fi owó ránṣẹ́, kò sì sí oníbàárà wọn kan tó ń gba irú ibẹ̀ sanwó.

“Kò ra búrẹ́dì,” Ọ̀jọ̀gbọ́n ní kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

Akọ̀wé wo aago. Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ máa gbéra láìpẹ́. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ, ṣùgbọ́n ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yìí kò yẹ kó ju ọmọ òun lọ. Ó bá ara rẹ̀ níbi tó ti ń bẹ̀bẹ̀, òun tí kò bẹ ẹnikẹ́ni rí nínú yàrá yẹn.

“Màmá, ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ sápá kan. Ẹni tó ni ín á wá a.”

Ojú Màmá rọ̀, ṣùgbọ́n ó mi orí. “Akọ̀wé, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi. Ọdún tí mo fẹ́ gbé owó ẹni ẹlẹ́ni pamọ́, ta ló ní kí n dá a padà? Ẹ̀yin ni. Ẹnì kan ń wá owó yìí níbì kan báyìí. Ẹ pe nọ́ńbà ìsọ̀ náà.”

Inú bí Akọ̀wé, nítorí òtítọ́ ni. Ó na ọwọ́ mú fóònù ilé búrẹ́dì tó wà lójú tábìlì. Kó tó tẹ nǹkan kan, ó rí i pé ẹnì kan ti pè lẹ́ẹ̀mẹ́rin tí wọn ò gbé e. Ó wo nọ́ńbà náà, ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó tún wo nọ́ńbà náà. Ọ̀kan náà ni wọ́n.

Ó pè é, ó sì jẹ́ kí gbogbo wọn máa gbọ́. Ohùn obìnrin kan ló dáhùn, ohùn ẹni tí kò fẹ́ràn kí nǹkan máa pẹ́.

“Ẹ jọ̀ọ́, ma,” Akọ̀wé ní, “ilé búrẹ́dì ni mo ti ń pè. Ẹ fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ránṣẹ́ sí wa lọ́sàn-án yìí, a ò mọ ẹni tó ni ín.”

“Ẹ̀yin! Ẹ̀yin lẹ ò gbé fóònù!” obìnrin náà pariwo. “Ẹ ti da ọkùnrin yẹn láàmú! Iná ti tán nínú fóònù tiẹ̀ àti ti ìyàwó rẹ̀ láti àná, ní ilé ìwòsàn tí wọ́n sùn sí. Kò sí nọ́ńbà kankan tó mọ̀ lórí. Àpò búrẹ́dì ló mú wá síbí, búrẹ́dì tí bàbá ìyàwó rẹ̀ fi ránṣẹ́ sí wọn, ó ní kí n tẹ nọ́ńbà tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀. A pè, a pè, ẹ ò dáhùn. Ló bá ní kí n kúkú fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ síbẹ̀, pé bàbá ìyàwó òun ni akọ̀wé ibẹ̀, kò sí owó tó máa wọ ilé búrẹ́dì yẹn kó má rí i. Ó ní ìyàwó òun kò fẹ́ kí ẹlòmíràn kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn, àfi bàbá tó bí i.”

Akọ̀wé gbé fóònù náà sún mọ́ ẹnu.

“Ọmọ wo?” Akọ̀wé ní. Ó tún un bèèrè. “Ma, ẹ jọ̀ọ́, ọmọ wo?”

“Há! Ẹ ò tíì gbọ́? Ó ti bí láàárọ̀ yìí! Obìnrin ni. Àlàáfíà ni ìyá wà, àlàáfíà ni ọmọ wà. Ọkùnrin yẹn jó ní iwájú ìsọ̀ mi títí àwọn oníbàárà mi fi ń pàtẹ́wọ́. Ẹ máa bọ̀, Bàbá, ó ní kí ẹ máa bọ̀!”

Ta ló kọ́kọ́ pariwo? Àwọn kan ní Ẹ̀fín ni, àwọn kan ní Màmá gan-an ni. Àwọn tó ń po ìyẹ̀fun ya wọlé pẹ̀lú ọwọ́ funfun, wọ́n dì mọ́ Akọ̀wé títí aṣọ ìrìn àjò rẹ̀ fi di aṣọ iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n gun orí àga. Akọ̀wé dúró láàárín wọn, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín, kò sì bìkítà ẹni tó ń wo òun. Ayọ̀ tó wà lára rẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ara kan lè gbà.

“Ẹ dákẹ́!” Màmá ké. Ó nu ojú rẹ̀. “Ìlà kan ṣì wà níbẹ̀ o. Ọ̀jọ̀gbọ́n, kọ àlàyé rẹ̀ kí n tó gbà.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n sọ̀kalẹ̀, ó na ìka sórí bọ́tìnnì. “Kí ni kí n kọ, Bàbá?”

Akọ̀wé nu imú. Ó ronú bí ẹni tó fẹ́ kó tọ̀nà. “Kọ ọ́ pé kì í ṣe owó ọjà. Owó ọkọ̀ bàbá àgbà ọmọ tuntun ni. A dá a padà fún ẹni tó ni ín.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ètò náà tún ronú, ó sì kọ ọ́ sójú kọ̀ǹpútà pé kò sí ìlà tí kò bára mu mọ́. Màmá ti ṣí àpótí owó. Ó ka ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ jáde, ó dúró, ó tún fi ìdì kan tí kò kà lé e lórí, ó ní ti ọmọ nìyẹn, inú àpò òun ló ti wá, kí ẹ̀rọ má dá sí i.

“Ẹ máa lọ, ẹ máa lọ! Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ọkọ̀ ò ní dúró dè yín!”

Akọ̀wé gba owó náà. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti mọ̀ ọ́n, kò sí owó tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tí kì í kà lẹ́ẹ̀mejì, kódà owó oṣù tirẹ̀. Ó rọ́ ọ sápò bẹ́ẹ̀, ó sì fa báàgì rẹ̀ yọ lábẹ́ tábìlì.

“Akọ̀wé!” Màmá pariwo. “Ẹ ò kà á!”

Ó ti dé ojú ọ̀nà, ó ń sáré bí ọmọdé tí wọ́n tú sílẹ̀ nílé-ìwé. Ó nawọ́ sẹ́yìn, ó tọ́ka sí Ọ̀jọ̀gbọ́n láì wẹ̀yìn.

“Ọmọ yín ti bá mi kà á!”